Orúkọ wo ló yẹ àkójọ ìdókòwò tí ìfọ́nká rẹ̀ kéré jù lọ?

Òǹtúmọ̀: Nínú ìwé ìṣirò owó tí mo ń túmọ̀, wọ́n da ìdókòwò eléwu méjì pọ̀ kí èrè àpapọ̀ wọn má baà máa lọ sókè sódò púpọ̀. Mo pe àbájáde rẹ̀ ní “àkójọ aláàbò jù lọ”. Ṣé orúkọ yìí bá a mu? Báwo ni a sì ṣe ń ṣírò rẹ̀?

Olùkọ́ ìṣirò owó: Ẹ kú iṣẹ́. “Aláàbò” ṣe ìlérí tí ìṣirò náà kò lè mú ṣẹ, nítorí pé àkójọ yìí ṣì lè pàdánù owó. Ohun tí a ń dín kù ni bí èrè ṣe ń fọ́n ká yí ìpíndọ́gba rẹ̀ ká, yálà sókè tàbí sísàlẹ̀. “Àkójọ tí ìfọ́nká rẹ̀ kéré jù lọ” ni èmi yóò kọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìdókòwò méjì. Ìyapa èrè àkọ́kọ́, ìyẹn bí èrè rẹ̀ ṣe sábà máa ń jìnnà sí ìpíndọ́gba tó, jẹ́ 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ti èkejì jẹ́ 20. Tí a bá fi iye kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ìfọ́nká wọn yóò jẹ́ 100 àti 400. Lẹ́yìn náà ni a ó wo bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn rìn. Bí ìwọ̀n ìbárìn wọn bá jẹ́ 0.25, a ó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 10 àti 20, yóò di 50, èyí tí mo ń pè ní ìfọ́nká àjùmọ̀ní. Ìpín owó tó tọ́ sí àkọ́kọ́ nìyí:

```
w = (400 - 50) / (100 + 400 - 2*50)
  = 350 / 400 = 0.875
```

Èkejì yóò gba 0.125 tó ṣẹ́ kù.

Òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà tó yá jù wà. Ìfọ́nká èkejì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́, nítorí náà kí àkọ́kọ́ gba ìpín mẹ́rin, kí èkejì gba ẹyọ kan. 0.8 àti 0.2 nìyẹn.

Olùkọ́ ìṣirò owó: Ọ̀nà yẹn tọ́ nígbà tí ìbárìn bá jẹ́ òdo nìkan. Níbí, ìpín tiyín fún wa ní ìfọ́nká 96, nígbà tí 0.875 fún wa ní 93.75, tí ìyapa rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 9.68. Ẹ kíyè sí i pé ó kéré ju 10 ti àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a da èyí tó ń mì jù mọ́ ọn. Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ iṣẹ́ wò ni pé kí n ṣírò ìfọ́nká tí ìdókòwò kọ̀ọ̀kan jùmọ̀ ní pẹ̀lú àkójọ náà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 87.5 + 6.25, ti èkejì jẹ́ 43.75 + 50, méjèèjì sì jẹ́ 93.75. Bí wọn kò bá dọ́gba, a ṣì lè gbé owó láti ọ̀kan sí èkejì kí ìfọ́nká tún dín kù.

Olùdókòwò kan: Èkejì ló ń mówó wọlé jù nínú tèmi. Ṣé kò yẹ kí ìpín rẹ̀ pọ̀ ju 0.125 lọ?

Olùkọ́ ìṣirò owó: Ó lè yẹ, ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn nìyẹn. Ẹ wo ìṣirò náà dáadáa, kò sí ìpíndọ́gba èrè níbẹ̀ rárá. Láti ìgbà tí onímọ̀ ọrọ̀ ajé Harry Markowitz ti kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1952 ni a ti ń gbé èrè àti ìfọ́nká yẹ̀ wò pọ̀. Àkójọ tiwa kàn jẹ́ ibi tí ìfọ́nká kò ti lè lọ sílẹ̀ mọ́ ni, ẹni tó ń fẹ́ èrè púpọ̀ sí i yóò kúrò níbẹ̀.

Onímọ̀ èdè: Mo fara mọ́ “ìfọ́nká”, ṣùgbọ́n “àjùmọ̀ní” ń kọ mí lóminú. Bí ọ̀kan bá ń gòkè nígbà tí èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, kí ni wọ́n jùmọ̀ ní?

Olùkọ́ ìṣirò owó: Ibẹ̀ gan-an ló ti wúlò jù. Bí ìbárìn bá jẹ́ −0.25, àjùmọ̀ní di −50, ìpín àkọ́kọ́ di 0.75, ìfọ́nká sì wálẹ̀ sí 62.5. Bí ó bá jẹ́ 0.5, gbogbo owó lọ sí àkọ́kọ́, àdàpọ̀ kò ṣàǹfààní kankan. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, bíi 0.8, ìpín àkọ́kọ́ di 1.33, ìyẹn ni pé kí a yá èkejì tà, kí a fi owó rẹ̀ ra àkọ́kọ́ sí i. Níbi tí wọn kò bá ti gba irú títà bẹ́ẹ̀, orí 1 ni a ó dúró.

Onímọ̀ èdè: Ìṣirò náà yé mi. Síbẹ̀, ohun tí a jùmọ̀ ní kì í jẹ́ iye tó kéré sí òdo létí Yorùbá. “Ìfọ́nká àjọrìn” ni mo dábàá, nítorí a lè jọ rìn kí ojú wa má kọ síbì kan náà.

Òǹtúmọ̀: Mo ti pa “aláàbò” rẹ́, mo sì ti fi “ìfọ́nká tó kéré jù lọ” rọ́pò rẹ̀. Ní ti “àjùmọ̀ní” àti “àjọrìn”, mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo títí ẹ̀yin méjèèjì yóò fi fẹnu kò.