Pọ́ǹpù méjì, táǹkì kan: ẹ sọ ohun tójú yín rí

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀yin èèyàn mi, ìṣirò pọ́ǹpù tó ń fa omi kún táǹkì ní wákàtí 3, tí èkejì ń fi wákàtí 6 ṣe é yẹn, kí lojú yín rí lórí ẹ̀? Àbúrò mi ní tí wọ́n bá tan méjèèjì pa pọ̀, wákàtí 4 àtààbọ̀ ni, ó sì fẹ́ bá mi jà.

Tíṣà Àgbà: Ó ro 3 àti 6 pọ̀, ó wá dá a sí méjì. Ọdọọdún ni mò ń rí i. Mi ò kì í sáré kọ nǹkan kan sójú pátákó, mo máa ń bi wọ́n ni pé èyí tó yára, òun nìkan, wákàtí mélòó? Wọ́n á ní 3. Ṣé olùrànlọ́wọ́ ló wá dá a dúró tó fi di 4 àtààbọ̀? Ibẹ̀ lojú wọn ti ń là. Wákàtí 1 péré ni kẹ́ ẹ máa wò: àkọ́kọ́ á ti gbé 1/3 táǹkì, èkejì 1/6, ó di 1/2. Tí wákàtí 1 bá gbé ìdajì, wákàtí 2 ló máa kún.

Dípò: Ó ti gùn jù sà. Ẹ fi 3 sọ 6 di púpọ̀, 18, ẹ ro 3 àti 6 pọ̀, 9, ẹ wá fi 9 pín 18. 2. Ó tán.

Tíṣà Àgbà: Fi ẹ̀kẹta tó ń gba wákàtí 4 kún un, kó o tún ṣe é bẹ́ẹ̀.

Dípò: 72, 13 pín in... wákàtí 5 àti díẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́: 5 kẹ̀? Nígbà tí ọ̀kan ṣoṣo ń parí ẹ̀ ní 3!

Dípò: Fún méjì ni mo sọ o. Fún méjì, kì í tàsé.

Màmá Tóbi: Tèmi ni omi iyọ̀ o. Kílò 10, iyọ̀ inú ẹ̀ 20 nínú 100, wọ́n ní ká bu omi sí i kó di 10 nínú 100. Ṣé bíi ti pọ́ǹpù yìí náà la óò ṣe é ni?

Àbẹ̀kẹ́: Rárá mà, ìyẹn yàtọ̀. Iyọ̀ ibẹ̀, kílò 2, kò ní yẹ̀. Kí 2 tó lè jẹ́ 10 nínú 100, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kílò 20. Ẹ bu omi kílò 10 sí i.

Akin Pọ́ńbà: Ẹ jẹ́ n sọ tojú ayé. Oníbàárà mi kan ti fi bírò ṣe ìṣirò yìí tán, ó ní ká so pọ́ǹpù méjì mọ́ kànga kan. A tan méjèèjì, omi kànga ń lọ sílẹ̀ ju bó ṣe ń sun lọ, kò pẹ́ tí ọ̀kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́, ohùn ẹ̀ yí padà, a sáré pa á kó má bàa jóná. Tí wọ́n bá tún jọ ń ti omi gba páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà ńkọ́, ńṣe ni wọ́n á máa dí ara wọn lọ́wọ́.

Tíṣà Àgbà: Ẹ̀gbọ́n, ìwé gbà pé ọ̀kan ò dí èkejì lọ́wọ́ ni. Ìṣirò náà ò jẹ̀bi.

Akin Pọ́ńbà: Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìbéèrè nígbà náà! Ọmọ tó gbà á bẹ́ẹ̀ ló máa wá ra pọ́ǹpù kejì lọ́la.

Dípò: Ẹ̀gbọ́n Akin sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn o.