Àlọ́ Ìjàpá fún ọmọ 28: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, praimari kẹta tí mò ń kọ́ ló máa ṣeré ní àsẹ́ńbílì ọjọ́ Jímọ̀. Àlọ́ Ìjàpá tó jí ẹ̀bẹ gbígbóná nílé àna rẹ̀, tó bù ú sínú fìlà dé, tí orí rẹ̀ fi pá, la mú.

Mo pín Ìjàpá fún ọmọ mẹ́rin: ẹni tó bá dé fìlà ni Ìjàpá. Àwọn mẹ́fà ń fi áńkáṣíìfù funfun ṣe ooru ẹ̀bẹ, mẹ́jọ jẹ́ àna, ìyókù ń gbe orin. Ṣùgbọ́n bí fìlà bá ti ń kúrò lórí ẹnì kan bọ́ sórí ẹlòmíràn, ariwo á sọ, eré á dúró. Ṣé kí orin máa lọ níbẹ̀ ni? Ọmọ kan tún wà tí kì í lè sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Iṣẹ́ gidi wo lẹ máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀?