Ìkànnì iye owó wúrà ọ̀fẹ́ wo ni mo lè gbára lé?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni mí ní Òṣogbo, mo sì ń wá ìkànnì ọ̀fẹ́ kan tí n ó máa wò kí n tó dá iye lé wúrà àlòkù tí àwọn oníbàárà ń gbé wá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣí méjì pọ̀ lórí fóònù, mo sì ń kọ iye wọn sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún fún odindi wákàtí kan. Èkíní ń yí padà ṣáá, èkejì kò mì rárá. Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni, àfi ìgbà tí mo kà á nísàlẹ̀ ojú ewé rẹ̀ pé iye wúrà ti LBMA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò wúrà ní London, ló ń lò, iye tí wọ́n máa ń dá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ níbẹ̀, ní aago 10:30 àárọ̀ àti aago 3:00 ọ̀sán.

Èkíní, tí ó ń yí padà, kò sọ ibi tí ó ti ń mú iye tirẹ̀ wá, ìyẹn ló sì ń kọ mí lóminú. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá iye ìṣẹ́jú yìí gan-an ló ń fi hàn, tàbí ti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn?