Ṣé "àkámọ́ igun" ni irin yẹn?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìlànà bí a ṣe ń fi pákó ká ebè gíga mọ́, fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ lágboolé l'Abẹ́òkúta. Mo pe férémù rẹ̀ ní 'àkámọ́', mo pe bírákẹ́ẹ̀tì igun ní 'àkámọ́ igun', mo sì pe igi tí a ń gbá mọ́lẹ̀ ní 'èèkàn'. Ṣé àwọn orúkọ yìí bá a mu?"

Olùkọ́ èdè: Férémù yẹn ń ká erùpẹ̀ mọ́, nítorí náà "àkámọ́" tọ́ sí i. Àmọ́ kí ni irin igun ká mọ́? Òyìnbó ló fi orúkọ kan ṣoṣo pe irin yìí àti àmì tí a fi ń ká ọ̀rọ̀ mọ́ nínú ìwé, gbèsè yẹn kì í ṣe tiwa. Ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe: ó gbá igun mú. "Agbágunmú" ni mo dábàá. Ẹ sì yọ èèkàn kúrò. Ewúrẹ́ là ń so mọ́ èèkàn. Òpó ni igi yẹn.

Káfíńtà: Ẹ̀yin àgbà, mo fara mọ́ agbágunmú, ṣùgbọ́n òpó kọ́ nìyẹn. Òkè ni ẹrù òpó ti ń wá. Ẹ̀gbẹ́ ni erùpẹ̀ ti ń ti igi tiwa yìí, bí ewúrẹ́ ṣe ń fa èèkàn gan-an. Èèkàn ni.

Kí ìlànà yín sì sọ ibi tí agbágunmú ń wọ̀. Ẹ ra pákó méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, kó fẹ̀ ní ínǹṣì 12, kó sì nípọn ní ínǹṣì 1. Ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 8 àti 4, kò ní ṣẹ́ kù. Igun mẹ́rin, agbágunmú méjì ní igun kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, gbogbo wọn nínú. Súkúrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó ínǹṣì 1, kó má baà yọ síta. Ẹ kọ́kọ́ lu ihò tín-ín-rín kí pákó má là. Àwọn kan máa ń gbá ìṣó wọ ojú ibi tí a ti gé pákó, wọn kì í ra irin rárá. Ìṣó ibẹ̀ kì í dì, torí inú fọ́nrán igi ló gbà wọlé. Bí òjò bá pa á tí oòrùn sì sá a, á tú.

Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́: Tèmi ni kí ẹ bá mi wò. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró digbí, àmọ́ pákó gígùn ti yọ ikùn láàárín látìgbà tí òjò ti ń rọ̀. Ṣé kí n fi agbágunmú kún un ni?

Olùkọ́ èdè: Ẹ fi mẹ́rin sí igun kan, ìyá wa, á gbà.

Káfíńtà: Kò ní gbà, sà. Igun kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Erùpẹ̀ tó mu omi wúwo, àárín pákó ló sì jìnnà jù sí ohun tó dì í mú. Èèkàn ló kù níbẹ̀. Méjì ní ẹ̀gbẹ́ gígùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n pín in sí mẹ́ta, á jẹ́ bí ínǹṣì 32 síra wọn. Ìta ni kí wọ́n wà, kí pákó fẹ̀yìn tì wọ́n. Èèkàn tó wà nínú, súkúrù nìkan ló ń gbé e. Kí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2, kí ìdajì wọlẹ̀. Igi àyin ni kí ẹ lò, ikán kì í tètè jẹ ẹ́. Ti àràbà á kọ́kọ́ jẹrà níbi tí ó ti kan ilẹ̀. Màmá, ẹ kó erùpẹ̀ àárín kúrò ná, ẹ fi okùn fa pákó padà, kí ẹ tó gbá èèkàn.

Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́: Ẹ̀yìn Olúmọ ni mo wà o. Ínǹṣì mẹ́rin péré, èèkàn ti bá àpáta.

Káfíńtà: Ẹ jẹ́ kí èèkàn ìhà ibẹ̀ lọ. Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù ti pákó láti ìta, tàbí kí ẹ fi wáyà nínípọn so pákó méjèèjì pọ̀ láàárín, gba orí erùpẹ̀ kọjá. Wáyà yẹn ni n kò mọ orúkọ tí à bá pè é.

Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́: Ṣebí ikùn ló ń dì? Ọ̀já ni.

Olùkọ́ èdè: Aṣọ ni ọ̀já, ìyá wa.

Ẹni tó béèrè: Bí ó bá jẹ́ pákó ni a fi dábùú rẹ̀ dípò wáyà ńkọ́, ṣé ọ̀já náà ni?