"Fi pamọ́", "tọ́jú" àbí "séèfù"? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń túmọ̀ ìwé ìkọ́ni lórí Excel fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kọ̀ǹpútà. "Kọ̀ǹpútà" náà ni mo lò, torí "ẹ̀rọ ayárabíàṣá" dùn létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gùn jù láti máa tún kọ. "Fáìlì" kò yọ mí lẹ́nu, ó ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn.

`Save` ló dà mí láàmú. "Fi pamọ́" ni ọ̀pọ̀ ń pè é, àmọ́ `Hide` tún wà nínú Excel, "fi pamọ́" sì lòun náà! Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka "fi ìlà 5 pamọ́" lè tẹ Ctrl+S, kí ìlà náà ṣì wà níbẹ̀ gbangba. Mo wá ń rò ó pé kí "tọ́jú" dúró fún `Save`, kí "fi pamọ́" jẹ́ ti `Hide` nìkan. Ọ̀rẹ́ mi kan ní "séèfù" ni kí n kọ, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa bá lójú ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ṣé "tọ́jú" á tètè yé wọn, bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ nìkan?