Kí lẹ kọ́kọ́ lé tẹ́ ẹ sanwó polówó ọjà yín lórí Fesibúùkù: kó tàn ká, ìyẹn Awareness, kí wọ́n dá sí i, ìyẹn Engagement, àbí kí wọ́n rà, ìyẹn Sales?

Ẹlẹ́lùbọ́ Ìkẹ́rẹ́: Kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ lèmi kọ́kọ́ lé o. Mo yan Engagement, àmọ́ mi ò ní kó wá láìkì fún mi, Messaging apps ni mo mú kí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ bọ́ sí Wásáàpù mi tààrà. ₦2,000 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, Adó àti Ìkẹ́rẹ́ nìkan. Èèyàn 28 kọ̀wé, 7 ra pẹ́ńtì èlùbọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ṣírò ẹ̀, oníbàárà kan ná mi ní ₦2,000, èrè orí pẹ́ńtì kan ò sì ju ₦1,500 lọ, tó bá parí síbẹ̀ mo pàdánù nìyẹn. Àmọ́ 4 nínú wọn ti padà wá ra òmíì láìjẹ́ pé mo tún sanwó ìpolówó, ibẹ̀ ni èrè ti yọ.

Aránṣọ Bàsírì: Ẹ kúkú yan Sales, Màmá, ṣebí owó la ń wá. Engagement ò wúlò. Láìkì tí mo gbà pọ̀ gan-an, ẹnì kan ò gbé aṣọ wá.

Onípolówó Adó: Àǹtí mi, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ yá sí láìkì ló bá yín wá, torí ohun tẹ́ ẹ ní kó wá nìyẹn. Sales gbọ́dọ̀ máa rí àwọn tó ń rà kó tó mọ irú ẹni tó máa gbé e lọ bá. Meta tó ni Fesibúùkù fúnra wọn ní ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan bí 50 lọ́sẹ̀ kan kó tó kúrò ní Learning, ìyẹn àsìkò tó ṣì ń kọ́ ẹni tó yẹ kó gbé ìpolówó lọ bá. Tówó bá sì ń wọlé nípa tiransífà, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ tajà àfi tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó mọ̀.

Aránṣọ Bàsírì: 28 ti Màmá náà ò kúkú tó 50.

Onípolówó Adó: Òótọ́ ni. Ó lè kọ Learning limited sí i, á ṣì máa ṣiṣẹ́, iye tó ń ná wọn lórí ẹnì kan ni ò ní dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n 28 sún mọ́ 50 ju 7 lọ.

Bùkà Ìwòròkó: Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀ o. Iyán ni mò ń tà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, ta ló máa kọ́kọ́ kọ̀wé bèèrè iye kó tó wá jẹun? Awareness ni mo yan, àyíká yunifásítì nìkan, kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé iyán ti délẹ̀ ní agogo 12. Bí wọ́n bá ń sanwó mo máa ń bi wọ́n níbi tí wọ́n ti gbọ́, àwọn kan ní Fesibúùkù, àwọn míì ò dáhùn, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà iye ẹni tó mú wá.

Ẹlẹ́yin Ìláwẹ̀: Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ń wo sítátọ́ọ̀sì Wásáàpù mi ò pọ̀, ṣé Awareness yìí máa tún un ṣe?

Onípolówó Adó: Rárá, ìyẹn yàtọ̀. Àfi kí ẹ̀yin àti oníbàárà jọ fi nọ́ńbà ara yín pamọ́ ni wọ́n tó lè rí i.

Ẹlẹ́lùbọ́ Ìkẹ́rẹ́: Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń bèèrè ni pé ṣé mo máa gbé e dé Adó. Mo ti kọ owó ọkọ̀ sínú ìpolówó báyìí, ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń kọ̀wé dín kù, àwọn tó máa rà ni mo fẹ́ wò.