Ọkọ mi ní kí màmá mi má gbé ọmọ

Ìyá Tóní: Ẹ kú ilé o. Màmá mi wá láti Ìbàdàn sí Húsítìn níbí láti bá mi tọ́ ọmọ. Èlùbọ́, ẹ̀gúsí, òrí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n rù wá. Ní ìjẹta, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé dókítà ní kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ ikọ́ àwúbì kí wọ́n tó tún gbé e. Ẹni tó tọ́ ọmọ márùn-ún! Màmá ti yàrá mọ́rí, wọn ò jẹun alẹ́. Báwo ni mo ṣe máa bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀?

Àdùkẹ́: Tèmi ní kí ìyá mi má fi omi gbígbóná jó mi níkùn. Ìyá ò dá a lóhùn, wọ́n gbé ìkòkò kaná.

Bàbá Káyọ̀dé: Màmá á ti ṣe ikọ́ yẹn ní kékeré. Ẹni tó bá ti ṣe é rí kì í ṣe é mọ́.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Bàbá, ti èéyi lẹ ń sọ. Ikọ́ àwúbì máa ń padà, agbára abẹ́rẹ́ ọmọdé náà sì máa ń tán lára. Lára àgbà, ó lè jọ ọ̀fìnkìn lásán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí òbí àti ìyá àgbà gbà á, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ. Ìyá Tóní, ọmọ ti tó oṣù mélòó? Ṣé o gba tìrẹ nínú oyún?

Ìyá Tóní: Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo gbà á nígbà oyún Tóní ní 2021, kí ni mo tún fẹ́ gbà á fún? Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mo bi yín.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ 27 sí 36, kí ààbò lè gba ara ìyá dé ara ọmọ. Ó sì di oṣù méjì kí ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Ìyá Tóní: Ṣé torí màmá ń wúkọ́ lẹ ṣe ń dá mi lẹ́bi? Atẹ́gùn inú ọkọ̀ òfuurufú ló fà á, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Lóru nìkan ni wọ́n máa ń wú u títí wọ́n á fi bì. Ọmọ ò tiẹ̀ wúkọ́. Lánàá ló kàn dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tó ti ń mu ọmú, ètè rẹ̀ dúdú, mo gbá a lẹ́sẹ̀, ó sì mí.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Pe 911 báyìí! Ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lè má wúkọ́ rárá, èémí rẹ̀ ni yóò máa dá. Sọ fún wọn pé màmá ń wúkọ́ títí tó fi ń bì. Wọ́n á ki owú sí imú àwọn méjèèjì, wọ́n á sì fún gbogbo ilé lóògùn apakòkòrò, Tóní pẹ̀lú.

Bàbá Káyọ̀dé: Abẹ́rẹ́ yẹn ò wúlò mọ́ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Kò lè wo èyí tó ti wọlé. Ìbàdàn ló yẹ kí màmá ti gbà á.

Ìyá Tóní: A ti dé ọsibítù. Wọ́n so nǹkan kan tó ń tàn pupa mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fún màmá ní ìbòmú. Màmá ń bi mí wúyẹ́wúyẹ́ pé ṣé àwọn ló kó o ràn án. Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n sọ fún wọn?